Kápíṣọ̀n pírí-ọ́dà ìwé kan: iye owó, ọjọ́ tó máa délé, àti ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí

Aǹtí kan tó ń kọ ìwé ìtàn ní Ìbàdàn, tíṣà ni wọ́n ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló fi kápíṣọ̀n ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù nígbà tí oṣù kẹsàn-án 2025 ń parí lọ, wọ́n ní "àbúrò mi, bá mi wò ó kí n tó gbé e sórí Ínsítágíráàmù." Fúnra wọn ni wọ́n ń tẹ ìwé wọn jáde, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń bá wọn náwó sí i, ìwé kẹta wọn sì lèyí. Mo máa fi orúkọ wọn àti orúkọ ìwé náà pamọ́, àmọ́ wọ́n ti gbà kí n kọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o! Ìwé mi kẹta ti fẹ́ jáde, ìtàn ìfẹ́, ọ̀tẹ̀ àti ìdáríjì tí ẹ ò ní lè gbé sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ tètè ṣe pírí-ọ́dà tiyín kó tó tán. Àwọn tó bá tètè rà á máa gba ẹ̀dà tí mo fọwọ́ sí pẹ̀lú ẹ̀bùn pàtàkì. Ìwé máa jáde láìpẹ́. Fún iye owó, ẹ wá sí dííẹ̀mù."

Yorùbá ibẹ̀ dáa, ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ní owó lọ́wọ́ tó sì fẹ́ ra ìwé yìí lálẹ́ òní. Èló ló máa san? Kò mọ̀. Ìgbà wo ló máa rí ìwé? Láìpẹ́. Ṣé òun náà wà lára àwọn tó tètè rà á? Ta ló mọ̀. Kí ni ẹ̀bùn pàtàkì ọ̀hún? Wọn ò sọ. Ẹni tó ń ṣe pírí-ọ́dà, nǹkan tí kò tíì sí ló ń sanwó fún, ọ̀rọ̀ inú kápíṣọ̀n yẹn nìkan ló ní lọ́wọ́ fún odidi oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣe é dì mú, tó sì jẹ́ pé òǹkọ̀wé á lè ṣe é bó ṣe wí. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a ò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ dídùn rárá, ìṣirò la kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ló pẹ́ jù. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kọ iye owó síta, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó lé èèyàn sá, pé tí èèyàn bá ti dé dííẹ̀mù àwọn á lè bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó yé mi, ọ̀pọ̀ tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n wà ní kíláàsì títí di ọ̀sán, fóònù sì wà nínú báàgì, ẹni tó bá bèèrè "ẹ káàárọ̀ ma, èló ni?" láago mẹ́sàn-án àárọ̀ á rí èsì láago mẹ́ta, nígbà yẹn ó ti ná owó ẹ̀ sórí nǹkan mìíràn. Èkejì, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 sọ pé ẹni tó bá gbé ọjà síta fún títà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èèyàn rí iye ẹ̀. Ìkẹta ló sì ká mi lára jù: ẹni tí iye owó máa lé sá, dííẹ̀mù ò ní dá a dúró, á kàn gba àsìkò lọ́wọ́ yín ni kó tó lọ.

Ó wá ku èló. Wọ́n fẹ́ tà á ní ₦4,500 fún pírí-ọ́dà, kó di ₦5,000 tó bá jáde, torí pé iye tí wọ́n ta ìwé kejì nìyẹn, ojú sì ń tì wọ́n láti fowó lé e. Mo ní ká jọ ṣírò ẹ̀. Ìwé náà jẹ́ ojú-ìwé 208, wọn ò kàn ṣàdédé mú iye yẹn o, ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lórí pépà ńlá, wọ́n máa ń ká pépà kan di ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún, ìdìpọ̀ mẹ́tàlá irú ẹ̀ ló ń jẹ́ 208, tí ìtàn bá parí sí 210, wọ́n á ní láti fi òmíràn kún un, òfìfo máa pọ̀ lẹ́yìn, owó á sì gòkè. Ẹ̀dà 500 ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, onítẹ̀wé ní Ṣómólú l'Ékòó pè é ní ₦2,600 ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ ₦1,300,000. Owó ẹni tó bá wọn ka ìwé tó sì tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe pẹ̀lú owó ẹni tó ya èèpo ìwé jẹ́ ₦350,000, tí a bá pín in sórí ẹ̀dà 500, ₦700 ló kan ìwé kan. Ìyẹn ti di ₦3,300, a ò tíì ra nylọ́ọ̀nù, a ò tíì ra ánfúlóòpù.

Ibi tí ₦5,000 ti fọ́ pátápátá nìyí. Àwọn ilé ìtàwé tó ń bá wọn tajà máa ń yọ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ìwé bá jẹ́ ₦5,000, ilé ìtàwé á mú ₦2,000, wọ́n á fún wọn ní ₦3,000, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ti ná wọn ní ₦3,300. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà ní ilé ìtàwé ń gbé ₦300 lọ nínú owó oṣù tíṣà. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n wá ní "ìdí nìyẹn tí ìwé kejì fi tán tí mi ò rí nǹkan kan." A gbé e sí ₦7,500 fún ìgbà tó bá ti jáde, tí ilé ìtàwé bá yọ tiwọn, ₦4,500 ló kù, ₦1,200 sì wà lórí ẹ̀ fún wọn. Pírí-ọ́dà wá jẹ́ ₦6,000. Ẹ̀dínwó gidi ni ₦1,500 yẹn, ìdí tí wọ́n sì fi lè fún èèyàn ni pé kò sí ilé ìtàwé láàárín, tí wọ́n bá yọ owó nylọ́ọ̀nù àti ánfúlóòpù kúrò, pẹ̀lú ti búkúmáàkì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn, ohun tó kù sọ́wọ́ wọn ṣì ju ₦2,000 lọ lórí ẹ̀dà kan.

Owó ìfiránṣẹ́ ni mo ní ká yà sọ́tọ̀. Àwọn kan máa ń pa á pọ̀ kó lè dà bí ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹni tó wà ní Bódìjà tó lè wá mú ìwé ẹ̀ fúnra ẹ̀ á wá máa sanwó dísípáàṣì fún ẹni tó wà ní Kánò. A kọ ọ́ sí mẹ́ta: inú Ìbàdàn, Èkó àti ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù, àti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ wá gbé e fúnra ẹ̀ ò san kọ́bọ̀.

Nǹkan kan tún wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ owó tí kì í hàn nínú kápíṣọ̀n ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ló ń ba ọjọ́ jẹ́. Onítẹ̀wé ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá san àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ₦910,000 nìyẹn. ₦600,000 ló wà lọ́wọ́ aǹtí wa. Wọ́n rò pé pírí-ọ́dà ló máa san èyí tó kù, ó dáa, àmọ́ tí pírí-ọ́dà ò bá tètè wọlé ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣèlérí ẹ̀ fún gbogbo ayé á wá so mọ́ owó tí wọn ò tíì rí. ₦310,000 ló kù, ẹ̀dà méjìléláàádọ́ta ló máa mú un pé. Ohun tí a wá fẹnu kò sí ni pé tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan tí a ṣí i tí a ò tíì rí èèyàn méjìléláàádọ́ta, wọ́n á yá èyí tó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà, wọ́n sì ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ọ́ kí kápíṣọ̀n tó jáde. Ẹni tí ò bá ní ibi tó máa yíjú sí, kó má kọ ọjọ́ kankan, kó kọ́kọ́ kó owó onítẹ̀wé jọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wá kàn. Onítẹ̀wé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Aǹtí fẹ́ kọ "ọ̀sẹ̀ méjì" sínú kápíṣọ̀n bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, ọ̀sẹ̀ méjì tí onítẹ̀wé ń sọ, ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò tí onítẹ̀wé kọ́kọ́ máa ń fi han òǹkọ̀wé, ló ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó, ọjọ́ tí ìwé bá kúrò nínú ẹ̀rọ ló sì parí sí, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Púrúùfù nìkan lè jẹ ọ̀sẹ̀ kan tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá. Ìdí ẹ̀ ni pé lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ló wà lọ́tọ̀, àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló ń so wọ́n pọ̀. Tí onítẹ̀wé bá lọ ṣí fáìlì Word lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tí kò sì ní fọ́ǹtì yẹn, àmì á sún lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú ẹ̀ lẹ fi ń ránṣẹ́, ẹ sì máa bèèrè púrúùfù orí pépà, kì í ṣe fọ́tò lórí Wáàsáàpù, kẹ́ ẹ wo èèpo ẹ̀yìn ìwé pẹ̀lú, torí ẹni tó ya èèpo sábà máa ń lo fọ́ǹtì tó yàtọ̀ sí ti inú.

A wá ka ọjọ́ láti iwájú padà sẹ́yìn. Aǹtí fẹ́ kí ìwé dé ọwọ́ èèyàn kí Kérésì tó wọlé gan-an, torí ní Dìsẹ́ńbà gáréèjì máa ń kún, owó wébìlì máa ń gòkè, àwọn onítẹ̀wé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kàlẹ́ńdà àti dáyárì láti Nòfẹ́ńbà, iṣẹ́ kékeré ni wọ́n máa ń tì sẹ́yìn. A fi Fúráìdé 5 Dìsẹ́ńbà ṣe ọjọ́ tó pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà máa rí ìwé ẹ̀. Kó lè rí bẹ́ẹ̀, ìwé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé ní Mọ́ńdè 24 Nòfẹ́ńbà. Wọ́n nílò ọ̀sẹ̀ kan láti fọwọ́ sí i kí wọ́n sì dì í torí wọ́n ṣì ń lọ síṣẹ́, nítorí náà ìwé gbọ́dọ̀ ti wọ Ìbàdàn ní 17 Nòfẹ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ méjì tí onítẹ̀wé sọ, mo sọ ọ́ di mẹ́rin, ó gbé wa padà sí 20 Ọkitóbà fún púrúùfù. Pírí-ọ́dà fúnra ẹ̀ máa ṣí ní Mọ́ńdè 6 Ọkitóbà, kó tì ní Sátidé 25. Aǹtí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pọ̀ jù, pé àwọn èèyàn á ní ó pẹ́. Mo ní ẹni tí wọ́n sọ fún pé 5 Dìsẹ́ńbà tó rí ìwé ní 27 Nòfẹ́ńbà á ya fọ́tò, á gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, ẹni tí wọ́n sọ fún pé 5 Nòfẹ́ńbà tó rí i ní 27, dííẹ̀mù ló máa kọ́kọ́ lọ. Ìwé kan náà, ọjọ́ kan náà ló dé.

A tún yọ "ìwé máa jáde lọ́jọ́ báyìí" kúrò pátápátá. Kí ni òǹkàwé fẹ́ fi ọjọ́ tí ìwé jáde ṣe? Ọjọ́ tó máa kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé àti ọjọ́ tó pẹ́ jù tó máa dé ọwọ́ tiẹ̀, méjì yẹn tó.

Ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí ló kàn, ibí yìí ni mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé máa ń fojú kéré jù. "Àwọn tó bá tètè rà á" kì í ṣe nǹkan kan, tí ẹni tó sanwó ní ọ̀sẹ̀ kejì ò bá rí ìfọwọ́sí, á ní òun náà tètè rà á, kò sì purọ́. A pinnu pé gbogbo ẹni tó bá ṣe pírí-ọ́dà ló máa gba ìfọwọ́sí, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa kọ orúkọ sí, pẹ̀lú búkúmáàkì tí wọ́n fi pépà líle tẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọgọ́rùn-ún? Ìfọwọ́sí lásán kì í gba àsìkò, àmọ́ tí orúkọ bá wọ̀ ọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ wo lísìtì, kọ ọ́, dúró kó gbẹ, kó sì fi ìwé yẹn sínú ánfúlóòpù tó ní orúkọ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé Bọ́lá á lọ sílé Kẹ́mi. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè ṣe ní alẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ láìsí àṣìṣe.

Onítẹ̀wé dá àbá kan, pé òun lè fún wọn ní pépà àkọ́kọ́ inú ìwé lọ́tọ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i kí òun tó lẹ ìwé pọ̀, ó yára, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dáa tó bá jẹ́ ìfọwọ́sí nìkan, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí ju iye tẹ́ ẹ fẹ́ lọ torí díẹ̀ máa bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Àmọ́ tí orúkọ èèyàn bá wà níbẹ̀, ẹyọ kan tó bá bàjẹ́, orúkọ ẹni yẹn ló lọ yẹn. A ní rárá, ìwé á kọ́kọ́ dé.

Bíírò náà ṣe pàtàkì. Máàkà dúdú máa ń là kọjá sí òdìkejì lórí pépà rírọ̀, jẹ́ẹ̀lì náà máa ń fọ́n tí wọ́n bá tètè pa ìwé dé, pàápàá lórí pépà tó ń dán. Bíírò lásán tó dáa lórí ojú-ìwé tí orúkọ ìwé wà, ìyẹn ni wọ́n lò, kì í ṣe ẹ̀yìn èèpo tó ti gba lamínéṣọ̀n, ibẹ̀ ò gba nǹkan kan. Ti orúkọ, a ní kí oníbàárà fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bó ṣe fẹ́ kó rí, pẹ̀lú àmì ẹ̀ tó bá fẹ́ àmì, orúkọ kan tàbí méjì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èèyàn á kọ "sí ìyá mi àtàtà, Alhaja, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn mẹ́fà" wá. Ó ṣẹlẹ̀ lórí ìwé kejì wọn.

Ìfagilé náà gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Òfin 2018 kan náà fún oníbàárà láyè láti fagilé ohun tó ti dá owó ẹ̀ sílẹ̀ fún, ẹni tó ń tà á lè yọ iye tó bá bọ́gbọ́n mu. Aǹtí sọ pé àwọn ò ní yọ nǹkan kan, àmọ́ ìwé tí wọ́n bá ti kọ orúkọ Ṣadé sí, ta ló tún fẹ́ rà á? Nítorí náà ìfagilé ní gbèdéke: 14 Nòfẹ́ńbà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ.

Lórí ìsanwó, a ò fi nọ́ńbà àkáǹtì sínú fọ́tò ìwé. Àwọn jìbìtì máa ń gbé fọ́tò yẹn, wọ́n á yí nọ́ńbà padà, wọ́n á sì gbé e sórí péèjì tó jọ tiyín. Línkì inú kápíṣọ̀n Ínsítágíráàmù kì í ṣe é tẹ̀, torí náà línkì Wáàsáàpù wà ní báyò, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù àti àkáǹtì wà, kápíṣọ̀n wá sọ fún èèyàn pé orúkọ òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde kó tó fi owó ránṣẹ́. Ipò yín nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà tí owó bá wọ báńkì la fi ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ fi sikirínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́, torí álẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ níta.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn yanjú la tó kọ kápíṣọ̀n. Ínsítágíráàmù máa ń gé kápíṣọ̀n lẹ́yìn nǹkan bíi lẹ́tà 125, ẹni tí ò bá tẹ̀ ẹ́ kó ṣí sí i ò ní rí èyí tó kù. Nítorí náà owó, ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ló wà lókè, ìtàn wá tẹ̀lé e. Aǹtí ò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń polówó gààrí, mo ní kí wọ́n wo ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń yí ojú fóònù lọ lálẹ́, ibo ni wọ́n ti máa ń dúró. Èyí tó jáde nìyí:

"Ìwé tuntun mi: ₦6,000 títí di 25 Ọkitóbà. Màá fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀. Ó pẹ́ tán 5 Dìsẹ́ńbà, ó ti dé ọwọ́ yín.

Obìnrin kan padà sílé ọkọ tó ti lé e jáde, kó lè tọ́jú ìyá ọkọ tó lé e. Ojú-ìwé 208, Yorùbá pọ́ńbélé, pẹ̀lú àmì ohùn.

Iye ẹ̀: ₦6,000 báyìí. Láti 26 Ọkitóbà, ₦7,500. Owó ìfiránṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀: Ìbàdàn ₦1,500, Èkó àti ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù ₦3,000, ìpínlẹ̀ mìíràn ₦4,500. Ẹ tún lè wá gbé e fúnra yín ní Bódìjà, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ ẹ̀: ìwé máa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ mi ní Mọ́ńdè 24 Nòfẹ́ńbà. Ìbàdàn á kọ́kọ́ gbà. Ibi tó jìnnà jù ní Nàìjíríà, kò ní kọjá Fúráìdé 5 Dìsẹ́ńbà. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n mi ń kó ogún ẹ̀dà bọ̀ ní ìdajì Dìsẹ́ńbà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìfọwọ́sí: gbogbo pírí-ọ́dà ni mo máa fọwọ́ sí. Ọgọ́rùn-ún tí owó wọn bá kọ́kọ́ wọlé, màá kọ orúkọ yín síbẹ̀, ẹ ó sì gba búkúmáàkì. Ẹ kọ orúkọ náà sínú fọ́ọ̀mù bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fagilé e, ẹ sọ fún mi kó tó di 14 Nòfẹ́ńbà, gbogbo owó yín lẹ máa gbà.

Línkì wà ní báyò. Orúkọ mi ló gbọ́dọ̀ jáde lórí àkáǹtì, tó bá jẹ́ orúkọ mìíràn, ẹ má san án."

Méjìléláàádọ́ta yẹn pé kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, wọn ò dé ọ̀dọ̀ alájẹṣẹ́kù. Ọgọ́rùn-ún kún ní 15 Ọkitóbà, lójú ẹsẹ̀ ni a wọ inú kápíṣọ̀n lọ a sì kọ "Ọgọ́rùn-ún ti pé, ìfọwọ́sí ṣì wà fún gbogbo yín" síbẹ̀, torí ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ kejì tó ṣì rí ìlérí orúkọ níbẹ̀ á ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ẹ̀. Ìbéèrè tó wá sí dííẹ̀mù kéré gan-an, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ "ṣé mo lè rà á fún ẹlòmíràn?" a sì fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù: orúkọ ẹni tó ń sanwó, orúkọ ẹni tó máa gba ìwé, orúkọ tí wọ́n máa kọ sínú ìwé. Ó lè jẹ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí a tì í, ẹ̀dà 187 ni wọ́n ti tà.

Onítẹ̀wé ṣe bí mo ṣe rò. Púrúùfù lọ bó ṣe yẹ, àmọ́ iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wọlé, ẹ̀rọ lamínéṣọ̀n tún dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ìwé dé Ìbàdàn ní Túsìdè 18 Nòfẹ́ńbà, ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì la kọ, a ti jẹ èèyàn 187 ní àlàyé.

Kí aǹtí tó fọwọ́ kan bíírò, mo ní kí wọ́n yẹ gbogbo ìwé wò. Ibi tí wọ́n ń wò ni ibi tí ìdìpọ̀ kan ti pàdé èkejì, ojú-ìwé 16 sí 17, 32 sí 33, 48 sí 49, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó ń kó ìdìpọ̀ jọ ní ilé ìtẹ̀wé lè mú ìdìpọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kó sì gbàgbé èyí tó tẹ̀lé e. Ọmọ wọn obìnrin àti ọmọ àbúrò wọn ló bá wọn ṣí i. Ẹ̀dà mẹ́tàlélógún ló ní ojú-ìwé 65 sí 80 lẹ́ẹ̀mejì, tí 81 sí 96 ò sí níbẹ̀. Lójú, ìwé yẹn pé, èèpo ẹ̀ ń dán, ó nípọn bíi ti yòókù. Tí wọ́n bá ti kọ orúkọ èèyàn sí irú ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀, ìfọwọ́sí yẹn ti ṣòfò, ẹni tó rà á á sì mọ̀ nígbà tó bá dé àárín ìtàn. Wọ́n yà á sọ́tọ̀, onítẹ̀wé gbà á padà, ó sì tẹ òmíràn rọ́pò ẹ̀ ní Jánúárì, èyí tó ṣẹ́kù pọ̀ ju ohun tí pírí-ọ́dà nílò lọ.

Ìwé àkọ́kọ́ kúrò nílé ní 24 Nòfẹ́ńbà bí a ṣe kọ ọ́. Ti Ìbàdàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ti Èkó náà. Ẹyọ kan tó ń lọ sí Yólà ló pẹ́ lọ́nà, ó dé ní 4 Dìsẹ́ńbà. Èèyàn mẹ́ta ló fagilé tiwọn kí gbèdéke tó pé, wọ́n dá owó wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Kápíṣọ̀n yẹn ṣì wà lórí péèjì wọn, ₦7,500 ló wà lókè ẹ̀ báyìí, wọ́n ti yọ ìlà ìfọwọ́sí kúrò, wọ́n sì fi orúkọ ilé ìtàwé méjì tó ń tà á ní Ìbàdàn rọ́pò ẹ̀.